Ojú Ẹja Nínú Òkúta Ọmọ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ara mi kì í balẹ̀ láti kékeré. Ìyá wa máa ń sọ pé bí òun bá fi mí jókòó sórí ẹní, kí òun tó yíjú padà, ẹní nìkan lòun máa bá. Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà tí mo wá ń ṣe ní Mile 3 ní Port Harcourt, Pọta wa yìí, iṣẹ́ ìjókòó ni, nítorí náà ẹsẹ̀ mi ló máa ń jó lábẹ́ tábìlì nígbà tí ọwọ́ bá ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ọwọ́ gan-an kò ṣiṣẹ́. Fóònù ló wà níbẹ̀. Màá gbé e sókè, màá gbé e sílẹ̀, màá jáde sí ẹnu ọ̀nà bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì á dára díẹ̀ níbẹ̀, àwòrán á kàn máa yí bírí bírí, kò ní ṣí. Obìnrin tó ń ta bàtà ní iwájú ṣọ́ọ̀bù mi wò mí títí ó sú u.

Ó ní, "Oga, sit down na. You dey turn my eye."

Mo jókòó. Kò pẹ́ tí mo tún dìde.

Àwòrán òkúta ni mo ń dúró dè. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, òun nìkan ni ìyá wa bí ṣáájú mi, ń gbé ní Alakahia, níbi tó ti ń ta ọṣẹ, mílíìkì àti indomie fún àwọn ọmọ yunifásítì. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Ọmọ náà ti rí ẹni tó fẹ́ fẹ́, ọ̀dọ́kùnrin kan láti Ọ̀yọ́ tó ń ra òkúta iyebíye lọ́wọ́ àwọn tó ń wà á ní Òkè-Ògùn, tó sì ń tà á. Ọ̀dọ́kùnrin náà ní òun ti yọ òkúta kan sọ́tọ̀ fún òrùka ìyàwó òun, kí èmi tí mo jẹ́ ẹbí ṣe òrùka náà. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kò gbẹ́kẹ̀ lé olókùúta kankan. Ó ní àwọn ẹbí ọmọkùnrin ò ní fẹsẹ̀ kan ilé òun láti wá mọ ẹbí lọ́jọ́ Sátidé, àfi bí mo bá ti wo òkúta náà tí mo sì sọ pé òkúta ni.

Ó wí fún mi lórí fóònù pé, "Bó bá jẹ́ ìgò ni, kó máa gbé e lọ, kó sì máa gbé ara rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fi ìgò tọrọ ọmọ, kí ló máa fi bọ́ ọ?"

Ọ̀dọ́kùnrin náà wà ní Òkè-Ògùn, àwọn ẹbí rẹ̀ ló fẹ́ bá rìn wá, kò sì sí ẹni tó máa fi irú òkúta bẹ́ẹ̀ rán dírẹ́bà. Bí wọ́n bá gbé e rìn láti Ọ̀yọ́ wá sí Pọta, tí wọ́n sì dé ẹnu ọ̀nà tí mo wá ní ìgò ni, ìtìjú náà ò ní mọ sí ọ̀dọ̀ ẹnì kan. Àwòrán ló kù. Inú fóònù ni ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà, fóònù náà kò sì fẹ́ ṣí.

Bàbá wa, tó kọ́ mi níṣẹ́, ì bá ti bínú sí gbogbo wa. Bàbá kì í dá ẹjọ́ òkúta tí kò sí ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Á kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, á nù ún gbẹ, á wá fi kan ahọ́n. Òkúta tòótọ́ máa ń tutù lẹ́nu ju ìgò lọ, ó sì máa ń pẹ́ kó tó gba ooru ara. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò tó gbé awò kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá sójú. Àwòrán kò ní òtútù, kò ní ìwúwo. Ojú nìkan ló kù fún ẹni tó ń wò ó, ojú sì rọrùn láti tàn.

Òfin mìíràn tún wà ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá: ohun tí Bàbá bá ti wò, a kì í tún un wò. Ẹni tó bá gbé awò lé òkúta tí Bàbá ti dá lẹ́jọ́, ó pe Bàbá ní òpùrọ́ nìyẹn. Mo dàgbà sínú òfin yìí, mi ò sì rú u rí.

Nítorí rẹ̀ ni mi ò fi wo òrùka ẹ̀gbọ́n mi rí. Ní àkókò tí ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé ni ọkùnrin ará Amadi-Ama kan wá tọrọ rẹ̀. Wẹ́dà ni, ní ọ̀kan nínú àwọn iléeṣẹ́ Trans-Amadi, ọmọ apẹja. Yorùbá tó gbọ́ kò ju "ẹ káàárọ̀" lọ, ìrọ̀lẹ́ ló sì kí wa bẹ́ẹ̀. Bàbá kò fẹ́ ẹ. Ó fẹ́ ará ilé. Ọkùnrin náà bọ òrùka kan jáde nínú àpò, wúrà tó ní òkúta pupa lórí, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Bàbá. Bàbá fọ̀ ọ́. Ó fi kan ahọ́n, ó sì fi síbẹ̀ pẹ́ ju bó ṣe máa ń ṣe lọ. Mo rántí pé kì í ṣe òkúta ló ń wò. Ọkùnrin náà ló ń wò, tó dúró gbọnrangandan, tí òógùn ń bọ́ ní iwájú orí rẹ̀, tí kò jókòó nítorí pé kò sí ẹni tó ní kó jókòó. Nígbà tó pẹ́, Bàbá yọ òrùka lẹ́nu, ó nù ún, ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi.

Ó ní, "Eléyìí á bá ọ kalẹ́."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òrùka náà kò kúrò ní ìka ẹ̀gbọ́n mi láti ìgbà náà. Ọkùnrin yẹn sì jẹ́ ọkọ gidi. Nígbà tí ẹsẹ̀ Bàbá kọ̀ tí kò lè rìn mọ́, tí òjò bá rọ̀ tí omi bo àdúgbò wa ní Diobu, àna rẹ̀ yìí ló máa ń pọ̀n ọ́n la omi kọjá lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn ìbátan mi mìíràn lọ, mi ò sì tíì gbà títí di òní pé ó ti kú.

Àwòrán àkọ́kọ́ ṣí. Òkúta aláwọ̀ ewé lórí aṣọ dúdú, wọ́n tan iná fóònù sí i lójú, ó ń kọ mànà bí nǹkan míì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló darí rẹ̀ sí mi láti ọ̀dọ̀ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ó sì kọ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ rẹ̀: "Uncle, see as e dey shine." Inú bí mi. Mo pè é.

Mo ní, "Ta ló bi ọ́ pé ṣé ó ń dán? Ìgò ọtí tó fọ́ sí títì náà ń dán bí oòrùn bá mú."

Dídán ni òpùrọ́ àkọ́kọ́ nínú àwòrán. Iná fóònù máa ń dúró sí ojú òkúta bí omi orí pẹpẹ, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí inú. Ohun tí mo ń wá nínú dídán ni bí ìmọ́lẹ̀ ṣe wọlé àti bó ṣe padà jáde. Òkúta tí wọ́n gé dáadáa máa ń fọ́ ìmọ́lẹ̀ sí wẹ́wẹ́: ibì kan mọ́lẹ̀, ibì kan ṣókùnkùn, bí ẹ bá sì yí i díẹ̀ wọn á pààrọ̀ ipò. Ìgò olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n fi bébà fàdákà tẹ́ lábẹ́ máa ń tàn lẹ́ẹ̀kan náà, á sì kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n èmi náà ti rí òkúta gidi tí wọ́n gé burúkú tí àárín rẹ̀ ṣófo bí fèrèsé. Nítorí náà dídán ò lè dá ẹjọ́.

Mo ní kó sọ fún ọmọkùnrin náà kó fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ òkúta náà, kó gbé e sórí bébà funfun lẹ́bàá fèrèsé, kì í ṣe nínú oòrùn. Kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́. Kó gbé awò tó fi ń ra ọjà sí iwájú ojú fóònù, kó ya iwájú, ẹ̀yìn àti ìhà gbogbo. Kò gbọ́dọ̀ lo ohun tí àwọn ọmọ fi ń tún ojú ṣe nínú àwòrán. Kó sì fi wọ́n ránṣẹ́ bí fáìlì ìwé, kì í ṣe bí àwòrán, nítorí Wọ́ọ̀sáàpù máa ń fún àwòrán pọ̀ títí gbogbo nǹkan á fi rí rúurùu.

Ọmọ náà ní, "Uncle, you too get wahala."

Mo ní wàhálà náà ló máa gbé e dé ilé ọkọ.

Ní ọjọ́ kejì ni àwọn àwòrán gidi dé. Mo nu sóòtù, eruku dúdú inú èéfín tó ń bà lé gbogbo nǹkan, kúrò lójú fóònù, nítorí ní Pọta wa yìí, ẹni tó bá ń wá àbàwọ́n nínú òkúta gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé kì í ṣe sóòtù lòun ń wò. Mo fẹ àwòrán náà lójú. Àwọn etí òkúta náà, ìyẹn ibi tí ojú gígé kan ti pàdé èkejì, mú ṣáṣá, wọ́n tọ́ bí etí abẹ. Ìyẹn dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n kò tó nǹkan: wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e ni, ìgò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé náà lè mú. Mo wọ inú lọ. Mo rí àwọn okùn tín-tìn-tín bí irun ọmọ tuntun. Dáadáa. Mo tún lọ sí ìsàlẹ̀ díẹ̀.

Ojú ẹja wà níbẹ̀.

Bàbá ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni, tó há sínú ìgò nígbà tí wọ́n ń yọ́ ọ nínú iná, kò sì rí ibi jáde kó tó tutù. Ó máa ń rí roboto, etí rẹ̀ máa ń dúdú, àárín rẹ̀ máa ń mọ́lẹ̀, bí ojú ẹja gẹ́lẹ́. Bàbá máa ń ní, bí ojú ẹja bá wò ọ́ láti inú òkúta, dì í padà fún ẹni tó ni ín, kí o sì bá a sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Èyí tí mo ń wò yìí roboto. Ó ń wò mí.

Mo dìde, mo jáde dé ọ̀dọ̀ oníbàtà, mo padà wọlé, mo gbé irin tí mo fi ń jó wúrà, mo gbé e sílẹ̀ láì tan iná sí i. Ẹ̀gbọ́n mi pè. Mo wo orúkọ rẹ̀ lójú fóònù títí ó fi dákẹ́. Ó tún pè. Mo gbé e.

"Ṣé o ti rí i?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí mo fi ń gbọ́ ohùn rẹ yìí?"

Mo ní kó fún mi títí di ìrọ̀lẹ́. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ kan yìí, ìgò, ó parí. Ẹ̀gbọ́n mi kì í padà lẹ́yìn ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn okùn bí irun yẹn kò jẹ́ kí n lè sọ ọ́. Irun kì í sí nínú ìgò. Òkúta tí irun wà nínú rẹ̀ tí ojú ẹja sì tún wà, ta ló ti rí i rí?

Ọmọ náà kò dúró di ìrọ̀lẹ́. Láti Alakahia, ó gba Rumuokoro, ó jókòó nínú gosiló, ó wọ kẹ̀kẹ́, ó wá dúró níwájú tábìlì mi. Òun náà ò lè jókòó. Èmi ni mo gbé ìwà yẹn ràn án, àwọn ènìyàn máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Uncle, talk am. Mummy sọ pé ohùn yín ò dáa lórí fóònù."

Mo fi hàn án. Mo ṣàlàyé ohun tí ojú ẹja túmọ̀ sí. Kò sunkún. Ó kàn gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó tẹ ìka lé ojú ẹja náà bí ẹni fẹ́ nù ún kúrò, àwòrán náà sì tún fẹ̀ sí i, ó fẹ̀ ju bí mo ṣe fẹ̀ ẹ́ lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo rí ohun kan yí ojú ẹja náà ká. Ìlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, tó gún, tó ní igun, bí etí adágún omi kékeré. Kì í ṣe inú òkúta lásán ni afẹ́fẹ́ náà há sí. Inú ihò kan ló wà, ihò náà sì gùn jù ú lọ.

Mo ní, "Pè é. Pè é báyìí."

Ọmọkùnrin náà gbé e. Mo kọ́kọ́ kí i, mo wá ní kó gbé òkúta náà dúró lórí orí rẹ̀ kan, kó fi àmọ̀ rírọ̀ tí àwọn olókùúta ń lò dì í mú, kó ya á. Kó wá yí i, kí orí kejì wà lókè, kó tún ya á.

Ó bi mí pé, "Bàbá, kí lẹ rí?" Èmi ló ń pè ní bàbá; ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni, mo gbà bẹ́ẹ̀.

Mo ní kó yà á ná.

Àwọn àwòrán náà pẹ́ kí wọ́n tó wọlé, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dúró bí ẹni tó ń dúró de èsì ìdánwò. Nínú àkọ́kọ́, ojú ẹja wà ní orí ihò náà lókè. Nínú èkejì, tí wọ́n ti dorí òkúta kodò, orí kejì ihò ló lọ, òkè náà ló tún wà. Ó ti rìn. Mo wo àwọn okùn bí irun náà nínú àwòrán méjèèjì láti rí i pé òkúta kan náà ni, nítorí olókùúta ni ọmọkùnrin náà, mi ò sì ya wèrè. Wọ́n bára mu bí ilà ojú ẹnì kan náà.

Afẹ́fẹ́ inú ìgò kò lè rìn. Ibi tí iná fi í sí ló máa wà títí ayé. Èyí tó ń rìn, inú omi ló wà, omi tó há sínú òkúta nígbà tí òkúta fúnra rẹ̀ ń dàgbà nínú ilẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó wà níbẹ̀ láti wò ó. Nígbà tí mo wá ní ìfọ̀kànbalẹ̀ láti wo ìyókù, mo rí ohun tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ wò. Bí mo ṣe gba iwájú òkúta náà wo ẹ̀yìn rẹ̀, ìlà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan di méjì méjì, bí ẹni tí oorun ń kùn tó ń wo okùn aṣọ. Tọ́málíìnì, irú òkúta aláwọ̀ ewé yìí, máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgò kò lè ṣe é láéláé.

Mo ní, "Òkúta ni. Òkúta gidi ni."

Ọmọ náà jókòó fún ìgbà àkọ́kọ́. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi pe ẹ̀gbọ́n mi lójú ẹsẹ̀, mo ṣàlàyé irun, mo ṣàlàyé omi, mo ṣàlàyé afẹ́fẹ́ tó ń rìn.

Ó ní, "Nítorí náà ìdọ̀tí wà nínú rẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìdọ̀tí yẹn gan-an ló jẹ́rìí sí i."

"Ó dáa. Màá fi nǹkan ránṣẹ́ sí ọ. Wò ó bí o ṣe wo ti ọmọ mi."

Ohun tó dé kò ju àwòrán kan ṣoṣo lọ. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ ló yà á pẹ̀lú fóònù tó dára, lójú mọmọ, nítòsí gan-an. Òrùka rẹ̀ ni. Òkúta pupa tí Bàbá fi kan ahọ́n.

Mo da ojú fóònù bolẹ̀. Òfin Bàbá ló wá sí mi lọ́kàn. Ọmọ náà bi mí pé kí ló dé, mo ní kó máa lọ sílé, mò ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó lọ tán, mo yí fóònù padà.

Òkúta náà mọ́ nínú bí ohun mímu inú ìgò. Àwọn etí rẹ̀ ti kú. Ibi tó yẹ kí ojú gígé méjì ti pàdé bí abẹ, wọ́n ti yọ́ pọ̀ bí ọṣẹ tí wọ́n ti lò, ó funfun níbẹ̀, ojú òkè sì kún fún àmì ibi tí nǹkan ti ha á. Èyí nìkan kò tó, torí pé òkúta gidi náà lè gbó lọ́wọ́ obìnrin tó ń fọ ìkòkò. Ṣùgbọ́n etí kan ti bó, bíbó náà tẹ̀ bí ìkarahun, bí ẹnu ìgò tó kọlu òkúta. Lábẹ́ ibi tó bó yẹn, ojú ẹja méjì. Kò sí ihò tó yí wọn ká, kò sí omi, wọ́n kàn wà lásán. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ìlà kan tẹ̀ kọ́lọ́kọ́lọ́ bí ṣúgà tó ń yọ́ nínú omi gbígbóná. Síbẹ̀ ó ń tàn, nítorí wọ́n ti fi wúrà bo ẹ̀yìn rẹ̀ pátá, bébà fàdákà ló sì gbọ́dọ̀ wà lábẹ́.

Bàbá mọ̀. Ìyẹn ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, ó sì dùn mí bí ẹni pé wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ mi. Ahọ́n Bàbá kò lè ṣìnà. Ó mọ̀, ó wo ọkùnrin náà, ó sì fọwọ́ sí ọkùnrin náà.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù. Láti Mile 3 títí dé Rumuokoro, mo ń pa ọ̀rọ̀ dà lẹ́nu nínú takisí. Kí n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé tirẹ̀ náà dára? Kí ni yóò jèrè nínú òtítọ́ báyìí tí ẹni tó fún un ti wà nínú ilẹ̀? Ẹni tó jókòó tì mí ní kí n yéé tẹ ẹsẹ̀ òun mọ́lẹ̀.

Mo bá ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn káńtà rẹ̀. Ó ta súwíìtì fún ọmọ kan, ó fún un ní ṣéńjì, ó wá sún àga mọ́ mi. Mi ò jókòó.

Ó ní, "Tèmi ńkọ́?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá ti sọ ọ́. Ó ní á bá yín kalẹ́."

"Mo mọ ohun tí Bàbá sọ. Ìwọ ni mò ń bi."

Mo wo ìta. Mo wo àwọn ọṣẹ lórí pẹpẹ. Ó nawọ́ ọ̀hún sí mi lórí káńtà, òrùka wà níbẹ̀, ìka rẹ̀ ti wú yí i ká.

Ó ní, "Bí o bá lè purọ́ fún mi lórí tèmi nítorí pé o káàánú mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ gba ohun tí o sọ lórí ti ọmọ mi?"

Ó ti ká mi mọ́. Mo ní, "Ìgò ni."

Mo rò pé yóò sunkún. Ó mí kanlẹ̀ ni, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Ó ní, "Mo ti mọ̀. Láti ìgbà tó bó ni mo ti mọ̀. Mo fẹ́ bi ọkọ mi léèrè. Mo ní kí n jẹ́ kí ọmọ tóbi ná. Mo ní kí ara Bàbá yá ná. Ọkọ mi wá kú mọ́ mi lọ́wọ́." Ó ń fi àtàǹpàkò yí òrùka náà sọ́tùn-ún sósì. "Kì í ṣe ìgò yẹn ló ń dùn mí. Ọkọ tó fún mi dára. Ohun tí mi ò mọ̀ ni bóyá òun náà mọ̀, àbí ẹni tó tà á fún un ló tàn án. Mo ń rò ó bí mo bá ń fọ ìkòkò. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi máa rò ó."

Mo jókòó, mo sì sunkún díẹ̀, èmi tí mo wá tù ú nínú. Ó fún mi ní tíṣù láti orí pẹpẹ rẹ̀, ó ní kí n má san án.

Nígbà tó yá ó ní kí n fi òkúta ọmọ náà hàn òun. Mo ṣí àwòrán méjèèjì, mo ń yí wọn padà fún un, afẹ́fẹ́ kékeré náà ń lọ sókè, ó ń lọ sókè. Ó wò ó títí.

Ó ní, "Kí wọ́n máa bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé."

Mo dìde láti lọ sọ fún ọmọ náà. Ó dì mí mú ní apá aṣọ.

"Òrùka tí o fẹ́ ṣe fún un yẹn, má fi wúrà bo ẹ̀yìn rẹ̀. Jẹ́ kó ṣí sílẹ̀."